Ìgbálẹ̀ Inú Lúùkù: Ohun Tí À Ń Gé Nínú Kílíìpù Ìwàásù Lásìkò Ìbò

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ mídíà ìjọ ní Yábàá, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dúró ti kámẹ́rà láti ìdájí títí ìsìn á fi parí, mo kí yín kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gba orí afárá Kátà wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ti Múṣín, Ṣómólú, Èbúté Mẹ́ta àti Sùúrùlérè wá, ẹ kú ọ̀nà. Mo rí i pé àwọn ará wa tó ń ya fídíò wáàsí ọjọ́ Jímọ̀ náà wà níbí. Ẹ káàbọ̀ o. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kàn wá ló kàn yín.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó yẹ ká gé kúrò nínú kílíìpù ìwàásù, kí ó má baà di pé ojú ìwé ìjọ wa ń polongo ìbò fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo máa sọ, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ, àṣìṣe sì ni mo fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi òfin lélẹ̀ ká lè kúrò níbẹ̀. Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n fi ṣe ìbò ọdún 2023, sọ ní abala 92 pé a kò gbọdọ̀ lo ilé ìjọsìn fún ìpolongo ìbò, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ lò ó láti gbé ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje lárugẹ, tàbí láti bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ẹ gbọ́ apá kejì yẹn dáadáa. Bí a ṣe ń gbéni lárugẹ níbẹ̀ ló burú, bí a ṣe ń búni náà ló burú. Abala 94 rẹ̀ sì fi ìgbà sí ìpolongo: kó bẹ̀rẹ̀ láti 150 ọjọ́ kí ìbò tó wáyé, ó sì gbọ́dọ̀ dópin nígbà tó bá ku wákàtí 24. Ìdí nìyẹn tí ìpolongo ìbò ààrẹ fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, nítorí ìbò jẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023. Ọjọ́ méjèèjì yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ báyìí, àárín wọn ló ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: obìnrin tó mú ìgbálẹ̀

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni. Ìsìn ìdúpẹ́ òmìnira. Pásítọ̀ wa wàásù láti inú Lúùkù orí kẹẹ̀ẹ́dógún, nípa obìnrin tó ní owó fàdákà mẹ́wàá tí ọ̀kan sọ nù. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà. Ó tan fìtílà, ó gbálẹ̀, ó wá a títí ó fi rí i, ó wá pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n bá a yọ̀. Ìwàásù ìṣẹ́jú 52 ni. Ó dùn. Kò sí òṣèlú kankan nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí ìwàásù wọ ìṣẹ́jú 31, pásítọ̀ sọ pé, “Obìnrin yìí kò jókòó sunkún. Ó mú ìgbálẹ̀!” Ìjọ pariwo. Ó tún sọ pé, “Ẹ̀yin ará, ẹ mú ìgbálẹ̀ yín! Ẹ gbá ìdọ̀tí inú ilé yìí jáde!” Ìjọ dìde dúró. Ẹni tó bá ń gé fídíò lára yín mọ ohun tó ń ṣe wá tí a bá rí irú ibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni iná ti ń jó. Ibẹ̀ náà ni mo gé, ìṣẹ́jú àáyá 38 péré. Mo bẹ̀rẹ̀ láti “ẹ mú ìgbálẹ̀ yín”, mo parí rẹ̀ síbi àtẹ́wọ́, mo sì gbé e síta ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ta ni kò mọ ẹgbẹ́ tó ń lo ìgbálẹ̀ ní Èkó? Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, kílíìpù wa ti wà nínú ẹgbẹ́ Wásáàpù lóríṣiríṣi. Àwọn APC ń pín in pé ìjọ ti fọwọ́ sí tiwọn. Àwọn tí kò fẹ́ràn wọn ń pín in pé ẹ wo pásítọ̀ tó ti gba owó. Ẹnì kan ti fi orin ìpolongo sí ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ pè mí. Pásítọ̀ náà pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?” Mi ò mọ ohun tí mo lè wí. Òótọ́ ni pé kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ni mo fi sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Lásìkò ìbò, gbogbo ará Èkó ló di ọmọlúwàbí yẹn. Ìgbálẹ̀ kì í ṣe ìgbálẹ̀ mọ́. Agboòrùn kì í ṣe ohun tí a fi ń bo òjò mọ́. Ìka mẹ́rin tí ẹ nà sókè níbi tí ẹ ti ń ka ẹsẹ Bíbélì, ẹni tó rántí ọdún 2019 máa kà á sí mẹ́rin pẹ̀lú mẹ́rin, ọdún mẹ́rin mìíràn fún ẹni tó wà lórí oyè. Oníwàásù kò ní í lọ́kàn rárá, ṣùgbọ́n ojú tó ń wò ó ti ní in.

Kí ló wá yẹ kí n ṣe? Ṣé kí n yọ ìgbálẹ̀ kúrò ni? Rárá. Bí mo bá yọ ìgbálẹ̀ kúrò nínú ìtàn yẹn, mo ti ba Bíbélì jẹ́. Nígbà tí mo padà jókòó tì í, mo rí i pé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ló burú. Mo sún ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá 40 kí owó fàdákà àti fìtílà lè wọlé. Mo sún òpin síwájú kí obìnrin náà lè rí owó rẹ̀. Kílíìpù náà di ìṣẹ́jú kan àti àáyá 25. Ẹni tó bá wò ó báyìí mọ ilé tí à ń gbá, ó mọ ohun tí à ń wá níbẹ̀. Síbẹ̀ mi ò gbé e síta. Mo fi í sínú àpótí títí di lẹ́yìn ìbò, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè gé ohun tí mo gé lọ́jọ́ kìíní. Ẹ wo ohun tí mo ń sọ: kílíìpù ni à ń dá lẹ́jọ́, a kì í dá ìwàásù lẹ́jọ́. Ìwàásù lè mọ́ tónítóní, kí kílíìpù inú rẹ̀ jẹ́ ìpolongo.

Ọ̀rọ̀ kejì: àlejò tó jókòó níwájú

Èyí tí mo sọ tán yẹn ni èyí tí oníwàásù kò ní lọ́kàn. Èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Olùdíje wọlé nígbà tí orin ìyìn ń lọ lọ́wọ́, àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n fi í jókòó ní ìlà iwájú. Wọ́n dá ètò dúró díẹ̀ láti kí i. Ẹni tó ń kí i kò dárúkọ ẹgbẹ́, kò dárúkọ ìbò. Ó kàn ní, “Ọmọ wa ni o. Ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ máa ṣe.” Àtẹ́wọ́ sì dún.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi á ní, “Àǹtí, kò sọ pé ká dìbò fún un.” Mo máa ń bi wọ́n pé, kí ni ohun tí à ń ṣe fún olùdíje? Kò sí ohun mìíràn. Nítorí náà “ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe” ti dárúkọ ìbò. Àdúrà náà rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé ká máa gbàdúrà fún àwọn ọba àti gbogbo ẹni tó wà nípò àṣẹ. Àdúrà pé kí Ọlọ́run fún gómìnà ní ọgbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀, ó yẹ kó wà níbẹ̀. Àdúrà pé kí Ọlọ́run dá gómìnà padà sórí oyè, ẹ gé e. Ọ̀kan ń tọrọ ohun tí gbogbo ìlú máa jẹ níbẹ̀, èkejì ń tọrọ èsì ìbò.

Bí a bá wá fẹ́ gé ìkíni yẹn, báwo la ṣe ń gé e? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà. A máa ń gé ọ̀rọ̀, a máa fi àtẹ́wọ́ sílẹ̀. Àtẹ́wọ́ tó dún láìnídìí, ó ń pe olùwòran pé kó wá ohun tó sọnù. Láti ìgbà tí wọ́n gbé makirofóònù fún ẹni tó fẹ́ kí àlejò, títí àtẹ́wọ́ á fi rọlẹ̀ pátápátá, gbogbo rẹ̀ ni kó lọ. Ẹ tún wo ìwàásù tó tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn pásítọ̀ á padà sí i ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, á ní, “Bí mo ṣe ń sọ fún àlejò wa lẹ́ẹ̀kan.” Gbólóhùn kékeré yẹn ti tú gbogbo ohun tí ẹ gé síta.

Kíbọ́ọ̀dù náà ńkọ́? Ìjọ tí olùlu kíbọ́ọ̀dù ti máa ń tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ oníwàásù, tí ẹ bá gé àárín, orin á fò. Etí á gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa tẹ́tí sí orin, mo máa wá ibi tí ó ti padà sórí ohùn kan náà ṣáájú àti lẹ́yìn ibi tí mo fẹ́ gé, ibẹ̀ ni mo máa ti so wọ́n pọ̀. Lórí àwòrán, mo máa fi ìjọ tó jókòó bo ojú ibi tí mo gé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwòrán ìjọ yẹn dáadáa kí ẹ tó lò ó. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan gé ìkíni olùdíje kúrò, ó wá fi àwòrán ìjọ bò ó, fìlà ẹgbẹ́ sì wà lórí ọkùnrin méjì ní ìlà kejì.

Nítorí èyí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń wo kílíìpù kọ̀ọ̀kan lásìkò ìbò. Mo máa gbọ́ ọ láìwo àwòrán, kí n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àti ariwo ìjọ. Mo máa pa ohùn, kí n wo àwòrán nìkan: fìlà, ankárá, ìka ọwọ́, pátákó tí wọ́n fi sára ògiri. Lẹ́yìn náà ni mo máa wo méjèèjì pọ̀. Ìgbà kejì yẹn ló máa ń mú ohun tó pọ̀ jù wá fún mi.

Ọ̀rọ̀ kẹta: ọ̀bẹ tó gé “ò”

Ẹ gbọ́ èyí o, nítorí òun ló dùn mí jù.

Ní èdè Yorùbá, ohun kékeré ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ni di bẹ́ẹ̀ kọ́. “A ò dìbò fún wọn.” “A dìbò fún wọn.” Kí ló wà láàárín wọn? “Ò” kan ṣoṣo. Fídíò tí à ń yà ní fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ bá gé fírémù mẹ́ta péré, ẹ ti gé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún àáyá. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kíákíá, “ò” rẹ̀ lè má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rò pé èémí lẹ gé, “ò” yẹn lẹ gé.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Pásítọ̀ kan tó wá bá wa wàásù sọ pé, “Mi ò ní dúró níbí kí n ní, ẹ dìbò fún ọmọ ìjọ wa.” Ó dára gan-an tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó húkọ́ kí ó tó parí gbólóhùn náà. Ọmọ tó ń gé fídíò fẹ́ kí kílíìpù wọ inú ìṣẹ́jú kan, ó yọ ikọ́, ó sì yọ ìlàjì gbólóhùn tó ṣáájú ikọ́ nítorí ikọ́ ti bà á jẹ́ létí rẹ̀. Ohun tó kù ni, “Ẹ dìbò fún ọmọ ìjọ wa.” Oníwàásù tó kọ̀ láti polongo, àwa la sọ ọ́ di olùpolongo. A dúpẹ́ pé ẹnì kejì gbọ́ ọ kó tó jáde.

Látìgbà yẹn, àṣà tí a fi lélẹ̀ ni pé a kì í gé àárín gbólóhùn tó bá ní “ìbò”, “dìbò”, orúkọ olùdíje tàbí orúkọ ẹgbẹ́ nínú. Bí gbólóhùn náà bá máa wà, kó wà ní odindi, pẹ̀lú èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá ní wà, gbogbo èrò náà ni kó kúrò, láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì ti yọ ọ́ tán tí ohun tó kù kò já mọ́ nǹkan kan, tàbí tó ti di pé oníwàásù ń sọ ohun tí kò sọ, a jẹ́ pé kò sí kílíìpù níbẹ̀. A ó wá òmíràn. Ìwàásù ìṣẹ́jú 52 kì í ṣe aláìní.

Àwọn kan tún wà tí ẹ̀rù ti bà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gé gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ààrẹ kéde nínú ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ta ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí pẹpẹ? Àwọn ìyá tí kò lè san owó ọkọ̀ wá sí ìjọ jókòó níwájú rẹ̀. Bí oníwàásù bá ní epo wọ́n, búrẹ́dì wọ́n, kí àwọn aláṣẹ ṣàánú mẹ̀kúnnù, ẹ má ṣe gé e. Igbe mẹ̀kúnnù ni, kì í ṣe ìpolongo. Bó bá ní kí àwọn èèyàn lọ gba káàdì ìdìbò wọn, ẹ má ṣe gé e. Ohun tí ẹ máa tẹ́tí sí ni ibi tí gbólóhùn náà yà sí. Bí ó bá yà láti orí epo sórí “ẹgbẹ́ wọn yẹn, ẹ ó rí wọn lọ́jọ́ ìbò”, ibẹ̀ ni ọ̀bẹ máa wọlé. Ẹ rántí apá kejì òfin tí mo kà lẹ́ẹ̀kan: bíbú ẹgbẹ́ náà wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: ohun tó kù lẹ́yìn ọ̀bẹ

Èyí kò ní gùn. Ẹ lè gé kílíìpù kó mọ́, kí odindi ìsìn tí ẹ gbé sórí Yútúùbù láti òwúrọ̀ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ gé. Èmi máa ń lo ètò tí wọ́n kọ báyìí sójú ẹ̀rọ, “Unlist live replay once stream ends”, kí fídíò ìsìn lè kúrò lójú ìwé wa bí ìsìn bá ṣe parí, títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún lè gé inú fídíò tó ti wà lórí Yútúùbù láìpa á rẹ́, nínú Editor tó wà ní YouTube Studio. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé títí wọ́n á fi ṣètò rẹ̀ tán, èyí tí ẹ kò tíì gé ni àwọn èèyàn á máa wò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ ti fídíò náà pa kí ẹnikẹ́ni má rí i, kí ẹ tó gé e.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà. Ẹ ti gé ohùn, ẹ gbàgbé fáìlì ọ̀rọ̀, orúkọ olùdíje ṣì wà níbẹ̀ ní kíkọ. Ẹ wo àkòrí àti àwòrán ìta. Ẹ wo kílíìpù tí ẹ ti ṣètò ọjọ́ sí. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2023, ọjọ́ tí gbogbo ìpolongo ti dákẹ́, ìjọ kan tí mo mọ̀, kílíìpù tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ láti oṣù Kìíní fúnra rẹ̀ jáde láago mẹ́fà àárọ̀. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ ṣì ń sùn.

Ọ̀rọ̀ karùn-ún: ta ló ń gé e?

Ẹ má dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹni tó fẹ́ràn olùdíje kì í gbọ́ ìpolongo nínú ọ̀rọ̀ tó yin olùdíje rẹ̀, òtítọ́ lásán ló ń gbọ́. Ní tiwa, èèyàn méjì ló ń wo kílíìpù lásìkò ìbò, a sì mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn méjì tí ẹgbẹ́ wọn kò dọ́gba. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ara òun kò gbà á, kò ní jáde. A ní ìwé kan tí a ń kọ ọ́ sí: ọjọ́ ìsìn, ìṣẹ́jú tí a gé, ohun tí a gé, ìdí rẹ̀, ẹni tó gé e. Fídíò odindi ń bẹ nínú àpótí, a kì í pa á rẹ́, nítorí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ní a yí ọ̀rọ̀ pásítọ̀ padà, òun la máa fi jẹ́rìí.

Ẹ sì sọ fún oníwàásù. Ọjọ́ kìíní tí mo lọ bá pásítọ̀ wa pé mo gé àdúrà tó gbà fún olùdíje kan, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Dádì, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú. Inú ìjọ lẹ ti gba àdúrà yẹn. Bí mo bá gbé e síta, inú ìlú lẹ ti gbà á.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ìwé tí a kọ ọ́ sí wá. Wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi ìka tọ́ ibì kan, wọ́n ní, “Èyí ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ fi gé èyí? Epo ni mo ń sọ níbẹ̀.” Mo wò ó. Òótọ́ ni, epo ni wọ́n ń sọ. A dá a padà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń béèrè ìwé náà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pa iná iwájú yẹn. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ẹ fẹ́ wò yìí, láti inú ìsìn wa, mo sì ti gba àṣẹ lọ́wọ́ pásítọ̀. Ibi mẹ́ta ni mo ti gé nínú rẹ̀. Ẹ mú bírò. Kí kálukú kọ ìṣẹ́jú tí òun ìbá gé sílẹ̀ kí n tó sọ tèmi, kí ẹni tó bá rí ìkẹrin sì nawọ́.